A Méjì Nínú Àánú

Kíbọ́ọ̀dù Ràṣídátù fẹ́ dójú tì í ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé rẹ̀ ní Wuye. Bó bá tẹ lẹ́tà a lẹ́ẹ̀kan, méjì ni í jáde. Mùbárákù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní irin abẹ́ bọ́tìnnì náà ti jẹ. Òun lè yọ ti bọ́tìnnì mìíràn tí kò wúlò, kí òun jó o síbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì ni yóò gbà.

"Ọjọ́ méjì kẹ̀? Kí n máa jẹ kí ni?"

Ni Mùbárákù bá yí ètò inú kọ̀ǹpútà padà: bí lẹ́tà kan bá sáré tẹ̀ lé ara rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò fojú fo èkejì.

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, padà dé nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kó lù, pẹ̀lú ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù tí Ràṣídátù tẹ̀ fún un láàárọ̀, láti fi ṣàtúnṣe orúkọ ọmọ rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ kà á."

"'Anuoluwa ni wọ́n ṣì kọ. Orúkọ tó tọ́ ni Anuoluwa.'" Ràṣídátù rí i pé Aanuoluwa ló yẹ kí ti kejì jẹ́. Kọ̀ǹpútà ti gbé a kejì mì.

"Akọ̀wé kọ́ọ̀tù fi mí rẹ́rìn-ín. Òní ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù ọmọ mi kẹ́yìn!"

"Ẹ má bínú, sà." Ó sáré tún un tẹ̀: Anuoluwa.

"Ẹ rọra! Àánú lẹ fẹ́ kọ, kò gba ìkánjú," ni Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah wí.

Ràṣídátù tẹ a. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó tẹ òmíràn. Èkejì jáde, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti lù, kọ́ọ̀tù ti tìlẹ̀kùn.