Ọkọ̀ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Àpèjúwe

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń gba àtúnṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ mi kù díẹ̀ káàtó, màá kọ́kọ́ fapá jánú ná, lẹ́yìn náà ni màá lọ tún un ṣe ní kọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí mi. Nítorí náà, oṣù tí mo fi ṣiṣẹ́ lórí fíìmù àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, kò rọrùn fún mi rárá. Ẹni méjì ló ń yẹ iṣẹ́ mi wò. Ọ̀kan ò gbọ́ràn, èkejì ò ríran, kò sì sí èyí tó ń gba iṣẹ́kíṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fíìmù náà kì í ṣe eré àtọwọ́dá. Àwọn ojúlówó ènìyàn ni wọ́n ya níbi iṣẹ́ wọn, nínú èéfín wọn, létí omi wọn. Obìnrin tó darí rẹ̀, tó ní ọ́fíìsì ní Palmgrove, fẹ́ kí adití àti afọ́jú náà jókòó wò ó, kí ohun tí wọ́n máa rí gbà má sì dín sí tèmi àti tiyín. Iṣẹ́ méjì ló gbé fún mi. Fún ẹni tí kò gbọ́ràn, mo ní láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ àti ìró tó bá ṣe pàtàkì sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kó má ju ìlà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, kó sì pẹ́ tó lójú láti kà. Fún ẹni tí kò ríran, mo ní láti kọ ohun tí ojú ń rí, tí a máa kà sínú fíìmù níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ̀rọ̀. Àlàfo bẹ́ẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ, nítorí náà mo máa ń fi fóònù ka àkókò bí mo ṣe ń kà á sókè. Ohun tó bá hàn ni kí n sọ. Èrò tèmi, kí n fi sápò.

Yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣe é. Ọdún ìbò ni, ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ń tẹ ojú àwọn olóṣèlú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ilẹ̀ yàrá mi ń gbọ̀n. Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni àǹtí tó ń bá mi yẹ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ wò ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń di ìwé. Àìsàn kan ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, lẹ́yìn tó ti mọ Yorùbá kà, nítorí náà ẹnu ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń kọ èsì mi sínú ìwé fún un.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Nínú fíìmù náà, ìyá àgbà kan ń to ẹja sórí ààrò, ó ní, "Ọkọ mi ló máa ń fọ ìkòkò nílé wa." Àǹtí kà á, ó mi orí bí ẹni tó gbóríyìn.

"Ọkùnrin rere," ó ní.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ìyá náà ń ṣẹ̀fẹ̀ ni, pé àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ti bú sẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán.

Ó wò mí títí. "Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi nìkan ni mo gbà á gbọ́. Ìwọ náà wá ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwáwí. Mo ní àyè ò tó. Mo ní ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àwáwí mi: [Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín]. "Ọ̀rọ̀ mélòó nìyẹn?" ó ní. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo fi í sí i. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ẹ̀rín, ìpòṣé àti ikọ́ àwọn tí kámẹ́rà ò yà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkùnrin apẹja kan gun àtẹ̀gùn wá sọ́dọ̀ mi. Ó ti tó ọmọ ogójì ọdún dáadáa. Ó wo fíìmù náà nígbà tí olùdarí gbé e lọ fún àwọn tí wọ́n yà, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì gbé e wá. Mo mọ ibi tó ń sọ. Kámẹ́rà kọjá lẹ́yìn àwọn obìnrin náà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi kan hàn tó dojú dé létí omi. Ó ti fọ́, koríko ti bò ó. Wọ́n kun ẹja olójú pupa sí imú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni," ó ní. "Nígbà tí ojú wọn lọ, èmi ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ìjì gbé e lu òpó, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. A ò sọ fún wọn. Wọ́n rò pé mo ṣì ń gbé e lọ sójú omi. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa dẹ́rù bà wọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kàn fò ó. Ta ló máa mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n tó ń sọ yìí gan-an ni olùdarí ní kó máa gbọ́ àpèjúwe náà kí a tó gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn eré orí rédíò ni, tó máa ń sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, gbólóhùn yìí gùn, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo pa ohun tí mo ti kọ rẹ́, mo wá kọ ọ́ pé: "Èéfín bo etí omi." Kì í ṣe irọ́, èéfín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àbúrò rẹ̀ dúpẹ́ títí, inú mi sì dùn pé ènìyàn dáadáa ni mí.

Àǹtí ló tú mi fó. Nítorí pé ojú rẹ̀ mú, òun ló máa ń gbé àpèjúwe tí mo tẹ̀ sórí ìwé lọ́wọ́, tí á máa fi í wé àwòrán bóyá mo gbójú fo nǹkan. Ó dé ibẹ̀, ó dá fíìmù dúró.

"Ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí àlàfo, àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀.

Ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ohun tí èmi fúnra mi kọ síbẹ̀ ni pé: [Igi ń ta nínú iná]. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ojú tì mí. Mo jókòó, mo kọ gbogbo bó ṣe jẹ́ sílẹ̀ fún un, ojú ewé kan gbáko, mo sì fi dókítà àti ẹ̀jẹ̀ ríru parí rẹ̀.

Ó kà á tán, kò pariwo. "Nílé wa," ó ní, "tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Tí wọ́n bá ń sunkún, kò sí nǹkan kan náà ni. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní dìde mọ́. Ibà lásán ni wọ́n pè é fún mi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín ni mo tó mọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dà mí láàmú." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún mi. "Èmi ni àkọ́bí ìyá mi."

Mo pa gbólóhùn èéfín náà rẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti rò pé àánú ni mo ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gbogbo Bàrígà tó bá wo fíìmù yẹn ló máa rí ọkọ̀ náà, tí wọ́n á sì mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tó ni ín.

Mo jókòó tún un kọ: "Ọkọ̀ kan dojú dé létí omi, ó fọ́ díẹ̀. Ẹja olójú pupa wà nímú rẹ̀." Mo fi fóònù ka àkókò rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Mi ò sọ ẹni tó ni ín, nítorí fíìmù náà ò sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ẹja náà, á mọ̀ ọ́n.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sí Ìlàjẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n apẹja náà, omi wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá tí kò ríran náà jókòó létí ìlẹ̀kùn. Àbúrò rẹ̀ wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń mi orí sí mi. Tí bàbá yìí bá ṣubú lulẹ̀ lójú mi, kí ni mo máa sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀?

Mo tan fíìmù náà, mo ń ka àpèjúwe sí i bí a ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀ náà, mo kà á tán.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Dá a dúró. Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Díẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé o rí i níbẹ̀ ni, àbí ìwọ lo fi í sí i?"

Kò dúró de ìdáhùn mi. Ó yí orí díẹ̀ sẹ́yìn. "Àbúrò mi, dìde lórí ìkúnlẹ̀. Pákó tó wà lábẹ́ rẹ ti ń ké láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wọlé. Ṣé díẹ̀ ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n." Ohùn ọkùnrin náà kò ju ti ọmọdé lọ. "Ìhà ọ̀tún ti lọ pátápátá. Koríko ti bò ó."

Mo ń wo àyà bàbá bóyá ó ń mí dáadáa. Ó ń mí.

"Ẹja tí ò ń gbé wá fún mi," ó ní, "tí ò ń sọ pé àwọ̀n wa ló kó o. Inú yìnyín ló ti ń wá. Apẹja ni mí. Tí mo bá fọwọ́ kan ẹja, mo mọ ibi tó sùn. Mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ náà ò lọ sójú omi mọ́. Mi ò kàn mọ ohun tó ṣe é. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń retí pé kí ẹnì kan sọ fún mi."

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi náà ń sunkún, mi ò sì gbìyànjú láti fi í pamọ́, nítorí mo ti mọ̀ nísinsìnyí pé kò sí ohun tí mo lè fi pamọ́ fún bàbá yẹn.

Ó jẹ́ kí a sunkún tán. "Ọmọ mi," ó ní, "yọ díẹ̀ yẹn kúrò. Tún un bẹ̀rẹ̀ látibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, ká lè máa wò ó lọ."

Mo yọ ọ́ kúrò. Mo dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, mo nu ojú mi, mo sì kà á fún un bó ṣe rí.