Ariwo Tó Ń Kànlẹ̀kùn Lábẹ́ Ọkọ̀

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ohun tí ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ bi mí ni ìgbà tí n óò ta ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ elẹ́yìn gígùn ni, irú èyí tí èèyàn lè tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gba ẹrù. Mo ní n kò ní tà á. Bí mo ṣe bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ni mo lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, mo gba ìwé àṣẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èlùbọ́ àti ẹ̀wà láti Ọ̀wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Santana. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Benin nígbà náà, obìnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ ẹrù lọ sọ́jà kò pọ̀. Wọ́n ń wò mí. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ìgbà òjò kan ni ariwo náà dé. Mo ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ọkọ̀ kó sí kòtò, mo sì gbọ́ kò-kò-kò lẹ́yìn, bí ẹni tó ń fi ìbínú kànlẹ̀kùn. Nígbà tí ọ̀nà dán, ó dákẹ́. Kòtò mìíràn dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo já ẹrù sílẹ̀, mo wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mi ní Upper Sakponba. Kò dún rárá.

Ọmọ Ẹ̀dó ni mẹkáníìkì yìí, àgbàlagbà tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìgbà ayé ọkọ mi. Òun kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ èdè wọn, Pidgin la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ní, "Oga, the motor dey knock."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá mi. Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, ọkọ̀ tó bá ti nọ́ọ̀kì ni èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì títí, ó mirí. Mo ní ẹ̀yìn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì. Mo kó ẹrù, ariwo tún dé. Mo padà lọ. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó fi irin gún ibí gún ọ̀hún lábẹ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan tó yẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Mama, make we bring down engine."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó wá bá mi nílé wa nítòsí Airport Road lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.

"Ìyàwó," ó ní, "ẹ́ńjìnnì tó bá ti nọ́ọ̀kì, òkú ni. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. A ó wá wò ó ní Sátidé."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é."

"Ohun tí mẹkáníìkì kò mọ̀, ìwọ lo fẹ́ mọ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo tún dúpẹ́. N kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti le bí òkúta. N kò mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n mo ní etí, èmi ni mo sì ń wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ṣọ́ ariwo náà. Mo wa ọkọ̀ lófìfo gba àárín kòtò: ó pa kẹ́kẹ́, kò dún. Mo kó àpò ẹ̀wà kún un, mo wà á lórí ọ̀dà tó dán ní Airport Road: ó pa kẹ́kẹ́. Mo kó àpò yẹn kan náà gba ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́: kò-kò-kò. Mo dúró sójú kan, mo tẹ ẹ́ńjìnnì títí ó fi ń ké, kò kàn. Mo wá bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta epo pupa ní ìsọ̀ kejì sí tèmi pé kó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àpò, kó tẹ́tí.

"Ó ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi!" ló pariwo bí a ṣe kó sí kòtò. "Lápá ọ̀tún ni. Ìwọ ìyá yìí, o fẹ́ pa mí ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ariwo náà kì í dún nígbà gbogbo. Bí mo bá kó ẹrù, tí mo sì kó sí kòtò, ó ń kàn lábẹ́ ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, kì í dún, bó ti wù kí kòtò jìn tó. Bí mo bá kó ẹrù lójú ọ̀nà tó dán, kì í dún. Bí mo bá dúró tí mo tẹ ẹ́ńjìnnì, kì í dún. Bíréèkì àti yíyí ọwọ́ ọkọ̀ kò yí i padà. Ẹ ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, kò lọ. Ṣáájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀, páìpù èéfín já nígbà tí mo ń lọ sí Ọ̀wọ̀, wẹ́dà kan ní Ifọ̀n sì jó o pọ̀. Bí mo ṣe kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo kó ẹrù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. N kò mọ ohun tó fà á. Ẹ má tíì sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ẹ kó ẹrù sí i kí ẹ tó wà á wò."

Nígbà tí mo mú un dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀, ó fẹ́ tì í bọ àpò. Ó ní òun yóò kà á tó bá yá.

"Read am now, abeg," ni mo wí. "I go stand here."

Ó wojú mi. Mo dúró. Ó fa awò ojú rẹ̀ yọ, ó kà á, ó tún padà sí àárín rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bi mí pé wẹ́dà wo. Òun kò tíì gbọ́ nípa páìpù náà rí; èmi pẹ̀lú kò rò pé ó kan ariwo kankan nígbà tí mo kọ́kọ́ wá. Ó pe àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ó ní kí wọ́n kó ara wọn sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì gbé ògbólógbòó gíábọ́ọ̀sì kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó wà á, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní kòtò àkọ́kọ́, kò-kò-kò! N kò rò pé inú mi lè dùn sí ariwo yẹn láé.

Kò fi jáàkì gbé e mọ́. Ó wa ọkọ̀ dé orí kòtò tí wọ́n ń bọ́ sí láti fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀, ó sì mú iná bọ́ sínú rẹ̀. Láìpẹ́ ó pè mí kí èmi nìkan sọ̀ kalẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ wò. Páìpù èéfín gba òkè irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Wẹ́dà ti jó o ní wíwọ́, àyè tó wà láàárín wọn kò ju ìka kan lọ. Bí ẹrù bá ti tẹ ara ọkọ̀ wálẹ̀, tí ọkọ̀ sì kó sí kòtò, irin náà á gbéra kan páìpù. Ibi tó ti ń kàn ti dán yànrànyànràn. Nígbà tó ń fi jáàkì gbé ọkọ̀, irin àti táyà á rọ̀ sílẹ̀, àyè á là gbàgàdà, kò sì sí ẹni tó lè rí i.

"I for bring down good engine," ló wí láti inú kòtò, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Mo fara ti ọkọ̀.

Wọ́n gé páìpù náà, wọ́n tún un jó bó ṣe yẹ, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà tó so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo kó èlùbọ́ kún un, mo wá gbogbo kòtò tí mo mọ̀ kàn. Ó pa kẹ́kẹ́.

Ní Sátidé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú oníbàárà rẹ̀ dé, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan. Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn, mo sì wà wọ́n gba ibi tó burú jù ní Upper Sakponba. Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ yìí dára, òun ṣe tán.

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí. "Kì í ṣe títà."

A padà délé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni pé ó mọ ohun tó ń wá, ó sì nàró.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo tún ń lọ sí Ọ̀wọ̀? Ìyàwó mi ní iṣu díẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ́ kó wá."

Mo ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, kí ìyàwó wọn jọ̀wọ́ tètè múra, nítorí mo máa ń jí kúrò nílé ní kùtùkùtù.