Àwòrán Adéolú Nínú Bùbá Ẹtù

Tí o bá dé àdúgbò wa ní Ẹ̀gán tí o béèrè Àyìnkẹ́, wọ́n á kàn máa wò ọ́ ni. Ìyá Adéolú ni kí o béèrè, Ìyá Adéolú tó ń rán sùtánà àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Ilé kan náà la jọ háyà láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní kékeré, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, nítorí náà kò sí ẹni tó lè wá sọ ìtàn rẹ̀ fún èmi Ìyá Gift.

Ìyá Adéolú máa ń ránṣọ bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí ojú rírán bá wọ́ díẹ̀ báyìí, ó ti tú u nìyẹn. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé sùtánà lásán ni, ẹni tó máa wọ̀ ọ́ á kúkú fi yí nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bá gbé e. Á rẹ́rìn-ín, á sì máa tú u lọ. Kò yẹ àdéhùn oníbàárà rí. Ẹnì kan ṣoṣo ni aṣọ rẹ̀ máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyẹn Adéolú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ti oníbàárà ló máa kọ́kọ́ jáde, ti ọmọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ títí ọjọ́ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ á fi kù sí ọ̀la. Ọmọ náà kì í bínú. Ohun tó máa ń sọ ò ju ọ̀kan lọ: "Màámi, ẹ dá àwọn èèyàn lóhùn ná. Mo lè dúró."

Ó sì máa ń dúró lóòótọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Adéolú. Iṣẹ́ éésì títúnṣe ló ń ṣe, láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá ni wọ́n ti ń pè é. Ó ti rí ọmọbìnrin kan, Naomi, wọ́n sì ti dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá rẹ̀ lọ ra ẹtù gidi, aṣọ òkè dúdú bí aró tó ní ìlà tín-ín-rín nínú. Ó gé bùbá, ó gé ṣòkòtò, ó gé fìlà. Ó rán ṣòkòtò tán, ó rán fìlà tán, ó so ọwọ́ ọ̀tún bùbá mọ́ ọn, ó wá ku ọwọ́ òsì. Ìgbà náà ni àwọn ará ìjọ kan kó sùtánà ìkórè dé. Ó gbé bùbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú sí ti ìkórè.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni Adéolú ń tún éésì kan ṣe lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ẹgbẹ́dá. Irin tó fẹsẹ̀ lé já. Kò dé ọsibítù kó tó kú.

Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn. Gbogbo wa la mọ bí òkú ọ̀fọ̀ ṣe máa ń rí nílẹ̀ wa. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rí òkú, wọn ò jẹ́ kó dé ibi sàréè, torí pé òbí kì í fojú rí ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Bọ̀dá Simeon, ẹ̀gbọ́n Ìyá Adéolú, ló kó àwọn ọkùnrin lẹ́yìn tí wọ́n lọ sin ín. Èmi àti àwọn obìnrin la dì í mú nínú yàrá. Kò janpata. Ó kàn ń tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Bùbá ọlọ́wọ́ kan yẹn wà níbi tó gbé e sí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ká a. Ní ọjọ́ kan ló sọ fún wa pé òun fẹ́ rí Adéolú nínú aṣọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Bọ̀dá Simeon ní ká má dá a lóhùn, pé a kì í ya fọ́tò òkú ọ̀fọ̀ kọ́ sára ògiri, pé bó bá ń rí i lójoojúmọ́, ọgbẹ́ ò ní jinná. Inú bí mi. Mo bi í pé nígbà tí kò rí i, ṣé ọgbẹ́ ọ̀hún ti jinná ni? Bọ̀dá Simeon kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ó máa ń fi àṣà dí ibi tí ẹkún fẹ́ gbà jáde lójú tirẹ̀ náà.

Naomi ló mú ọ̀nà wá. Fóònù Adéolú ti fọ́ yángá nígbà tó ṣubú, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn tó kù lọ́dọ̀ wa ò hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n Naomi ní ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀ kedere, tó yà á lójú ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ kọjú sí wa, nínú ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀rá ti bà jẹ́. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Ìgàndó, Báyọ̀dé, tó ń ṣe ìwé ìsìnkú, pé ó lè fi ẹ̀rọ AI yí aṣọ ara fọ́tò padà.

Àwa mẹ́ta la lọ: Ìyá Adéolú, Naomi, èmi. Báyọ̀dé kí ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó gbé àga fún un. Ó ní kí Naomi fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kó má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ojú èèyàn á sì ṣú. Mo rí i pé ó mọṣẹ́. Àṣìṣe tó ṣe ni pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ìyá. Ó kàn kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ náà bó ṣe máa ń kọ ọ́ fún àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n ń fi ijó àti ayọ̀ sin: kó wọ ọkùnrin yìí ní aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá tó gbayì, kí àwòrán rẹ̀ rẹwà, kó fi ọlá hàn.

Àwòrán jáde lóòótọ́. Agbádá oníṣẹ́ wúrà, iyùn ní ọrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ààfin. Ara rẹ̀ pupa ju ti Adéolú lọ, ó ń dán, ó sì ń fi eyín rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ Adéolú ò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò tí a mú wá. Ìyá rẹ̀ fara balẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Ọmọ tó dáa ni. Ọmọ ta ni?"

Ojú ti Báyọ̀dé. Ó ní kí wọ́n má bínú, pé ẹ̀rọ náà kì í gé aṣọ lẹ̀ mọ́ fọ́tò, ńṣe ló máa ń tún gbogbo rẹ̀ yà látìbẹ̀rẹ̀, tó fi mọ́ ojú. Ohun tí wọn ò bá sì sọ fún un, á méfò rẹ̀. Ó wá bi ìyá náà pé kí ni kò sí níbẹ̀.

Ìyá Adéolú na ìka sí òkè ojú òsì nínú fọ́tò ti Naomi, níbi tí irun ojú ti pín sí méjì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Àpá yìí. Ẹ̀yìn mi ló ti já bọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ọ̀já ló tú. Ìgbà yẹn, èmi ni mo gbé e nílẹ̀. Èyí tó ṣubú gbẹ̀yìn, wọn ò jẹ́ kí n gbé e."

Naomi bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́.

Báyọ̀dé wá fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó ń bi ìyá náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá náà ṣe ń sọ ọ́ ni Báyọ̀dé ń kọ ọ́ lédè òyìnbó, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Lo fọ́tò yìí nìkan. Má yí ojú rẹ̀ padà rárá: àwọ̀ ara rẹ̀ dúdú, má jẹ́ kó pupa, má dán an, má fi kún ọjọ́ orí rẹ̀, má sì dín in kù, ẹnu rẹ̀ pa dé bó ṣe wà. Àpá tó la irun ojú òsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Wọ̀ ọ́ ní bùbá ẹtù, aró dúdú tó ní ìlà tín-ín-rín aró fẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ róbótó, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, kò ní iṣẹ́ ọnà. Fìlà aṣọ kan náà. Kò sí iyùn, kò sí agbádá, kò sí ọ̀pá. Láti orí dé ìbàdí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù. Àwòrán ìrántí ọ̀dọ́kùnrin tó ti kú ni, kó ní ọ̀wọ̀. Má kọ nǹkan kan sára rẹ̀."

Èyí sún mọ́ ọn. Aṣọ náà ni gan-an, ó yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àpá náà tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, imú rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ẹlòmíì ò ní mọ̀. Báyọ̀dé ní ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbé e dé nìyẹn, pé èèyàn lè bẹ ẹ̀rọ náà títí, kò dájú pé á gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá gé ojú Adéolú gan-an jáde látinú fọ́tò Naomi, ó gbé e lé orí èyí tí ẹ̀rọ yà, ó ń fi sùúrù pa ibi tó gé pọ̀ mọ́ ọrùn àti fìlà, ó tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe kí méjèèjì lè bára mu. Ó pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ìyá Adéolú fi àtàǹpàkò pa àpá náà. Ó ní, "Òun nìyí." Ó wá sunkún, ẹkún tó yẹ kó ti sun láti ọjọ́ tí a dì í mú nínú yàrá. A fi í sílẹ̀ kó sun ún tẹ́rùn. Nígbà tó nu ojú tán, ó tún wo àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí aránṣọ ṣe máa ń wo aṣọ, ojú rẹ̀ sì dúró sí èjìká òsì.

Ó bi Báyọ̀dé pé, "Ta ló bá mi so ọwọ́ òsì yìí?"

Báyọ̀dé ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òun sọ fún ẹ̀rọ pé bùbá ni, ọwọ́ méjì ló sì máa ń fún bùbá. Mo ṣàlàyé fún un ní bòńkẹ́lẹ́. Ó béèrè bóyá kí òun yọ ọ́ kúrò. Ìyá náà ní rárá, ó fi gèlè orí rẹ̀ wé àwòrán náà, a sì lọ sílé.

Kò gbé e kọ́ sí pálọ̀. Inú yàrá ló gbé e sí, lórí tábìlì ẹ̀rọ rẹ̀, kọjú sí ibi tó máa ń jókòó. Bọ̀dá Simeon wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àmọ́ bó ṣe rí i, ó ṣí fìlà, ó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe lọ tán, àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo sáré yọjú. Ìyá Adéolú ń so ọwọ́ òsì mọ́ bùbá ẹtù. Ó rán an, ó wò ó, ó ní ó wọ́, ó tú u. Yẹ̀yẹ́ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Ó tún un rán. Ó gé òwú rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e síwájú àwòrán náà pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà.

Ó ní, "Ó ti tán o, ọmọ mi. Má dúró mọ́."