Ìméèlì Faransé Tó Dé Ọ́fíìsì Wa

Ọ̀gá wa lọ́fíìsì tó ń gba ọmọ sí yunifásítì n'Íkẹjà ò jẹ́ kí n gba ìgbéga láyé ṣọ́jà. Ó ní Faransé tí mo kọ́ ní Kútọnu ò wúlò. Mi ò ní fi “wọ́n” pè é nínú ìtàn yìí.

Ìgbà tí ìméèlì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ Lómé kan fi Faransé béèrè àwọn ìwé tó yẹ kóun mú wá. Ọ̀gá tẹ ìméèlì náà sórí ìwé, ó gbé e wá bá mi.

Mo ní, “Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú fáìlì, sà, pé èmi nìkan ló lè kà á.”

Ó kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Mo dá ọmọ náà lóhùn: èsì ìdánwò, ìwé ìbí, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní òǹtẹ̀.

Mo wá ṣe fọ́tókọ́pì ojú ìwé tí ọ̀gá buwọ́ lù yẹn, mo so ó mọ́ fọ́ọ̀mù ìgbéga mi. Tábìlì ọ̀gá yẹn kan náà ni mo gbé e lọ. Mo dúró tì í títí tó fi kà á tán.