Nọ́ńbà Tí Bọ́sà Fi Ṣe Àpẹẹrẹ

Láyé ológun, nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ owó oṣù wa nílé iṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà di yẹ̀yẹ́, bọ́sà tó ń gbowó ilé ìwé ọmọ mi l'Ágége kọ lẹ́tà sí àwa òbí. Ó ní ká má mówó wá sọ́fíìsì òun mọ́. Báńkì ni ká san án sí, ká kọ nọ́ńbà ọmọ wa sórí tẹ́là, ìwé ìsanwó báńkì, torí nọ́ńbà yẹn nìkan lòun máa fi mọ ẹni tó san. Ó kọ nọ́ńbà kan gàdàgbà ṣe àpẹẹrẹ. Nọ́ńbà ọmọ tiwa gan-an, ẹ̀yìn lẹ́tà ló há a sí. Ta ló ń yẹ ẹ̀yìn lẹ́tà wò? Gbogbo wa kọ èyí tó rí gàdàgbà.

Nígbà tó yá, wọ́n lé àwọn ọmọ wa wálé pé a ò sanwó. Mo fi ìbínú gbé tẹ́là mi lọ bá bọ́sà.

"Ṣé ẹ ò mọ̀wé kà ni?" Bó ṣe kí mi káàbọ̀ nìyẹn.

Mo yọjú wo kíláàsì ọmọ mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ bọ́sà ni. Nọ́ńbà rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá náà ò sì tíì san kọ́bọ̀.