Odò Tí Ọmọ Mi Kò Fi Kọ Àròkọ

Mò ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ilé-ìwé oníbàárà kan níwájú ilé wa ní Enugu Road, ní Sabon Gari ìlú Kano, nígbà tí ọmọbìnrin mi ti ilé-ìwé dé, tó sì na ìwé pélébé kan sí mi.

Ìdíje àròkọ ni. Ẹni tó bá gbégbá orókè, àwọn tó ṣètò rẹ̀ yóò san owó yunifásítì rẹ̀. Wọ́n ti fi àkòrí lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: omi ní agbègbè wa. Kí olúkúlùkù wá mú nǹkan kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, nǹkan tó fojú rí tàbí tó wádìí lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ wọn fẹ́ gbọ́ ohun tí kálukú mú ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Everybody for class don carry borehole," ló wí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sábà fi dá mi lóhùn. "Mọ́mì, wetin I go write?"

N kò tilẹ̀ ronú. Ní Sabon Gari níbí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé "agbègbè wa", nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi ìpàdé ọmọ ìlú, ilé lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọkàn wa máa ń lọ.

"Kọ nípa odò wa," ni mo wí.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo gbé kí wọ́n tó mú mi wá sí Kano. Odò náà wà lẹ́yìn ilé. Mo sọ fún un bí omi ṣe máa ń tutù débi pé ẹsẹ̀ á kú tipiri, bí òkúta ṣe tẹ́jú níbi tí a ti ń fọṣọ, bí ìyá àgbà ṣe máa ń dúró lókè tí yóò máa pè mí pé kí n má jìnnà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ó ń wọ̀ ọ́ lára.

Lẹ́yìn náà ló wá ń bi mí. "People still dey fetch am? For dry season nko, e dey dry?"

N kò mọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà nílé lọ́hùn-ún, mo jẹ́ kí ohùn fóònù ròkè kí ọmọ náà lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Odò wo? Ìwọ yìí náà! Koríko ti bò ó. Omi ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nísinsìnyí, ejò ló ń wá."

Ọmọ mi ká ìwé tó kọ, ó rọra fi í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. "Mọ́mì, sorry," ló wí, bí ẹni pé òun ló jẹ́ kí koríko hù.

Ibẹ̀ la wà tí mai ruwa, bàbá Hausa tó ń ta omi kiri, fi ti ọmọlanke rẹ̀ dé, tòun ti àwọn kẹ́ẹ̀gì omi. Kí n tó bí ọmọ yìí ni bàbá náà ti ń gbé omi wá fún wa. Mo wo ọmọ mi, mo wo bàbá náà. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, àmọ́ mo sọ ọ́: "Bi í."

Ó bi í ní Hausa bó ṣe ń rí omi. Bàbá ní bí iná bá wà, ẹ̀rọ kànga tó wà nítòsí á fa omi, iṣẹ́ á yá. Bí iná bá lọ, tí wọn kò sì rí epo fún jẹnẹrétọ̀, ọ̀nà jíjìn lòun ń lọ pọn ọ́n.

"Baba, ba ka gajiya?" Ṣé kì í rẹ̀ ẹ́?

"Na gaji mana. Ke za ki tura mini?" Ó ti rẹ̀ mí, ṣé ìwọ ló máa bá mi tì í?

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá a tì í dé ojúlé kejì. Nígbà tó padà, ó ti mú tirẹ̀: omi mai ruwa nígbà tí kò bá sí iná. Mo mọ̀ pé èyí ló lè gbé e dé yunifásítì. Mo ní ó dára, ó sì dára lóòótọ́.

Ó jókòó, ó ń kọ ọ́. Mo lọ bu omi mu nínú dúrọ́ọ̀mù. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń rùn bíi kẹ́ẹ̀gì. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, mo sì dúró bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà sídìí bọ́tìnnì mi, ọmọ náà ti fa ìwé àkọ́kọ́ yọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó ṣí i sórí itan.

"Mọ́mì," ló wí, "ẹ tún sọ ti odò yẹn. No be for essay."