Àdúrà Tí Máíkì Gbé Mì

Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Challenge, ibẹ̀ ni mo ti ń kó ẹ̀rọ lọ síbi ìsìn àti ìpàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé máíkì tí kò ní wáyà rọrùn láti lò, ẹ bi í bóyá ó ti lò ó rí níbi tí èrò ti dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Bódìjà. Ìdúpẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àìsàn ti mú wọn lọ́nà ọ̀fun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn dókítà máa yọ àpótí ohùn wọn, wọ́n sì ti ní kí Bàbá má sọ̀rọ̀ mọ́ tí ìdúpẹ́ bá ti parí. Ohunkóhun tí Bàbá bá fẹ́ fẹnu ara wọn sọ láyé, ọjọ́ yẹn ló kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ súre fún ọmọ wọn mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta wà níbẹ̀. Àbígbẹ̀yìn, obìnrin, wà ní Kánádà, orí fóònù ló ti ń wò wá. Ohùn Bàbá ti rẹlẹ̀ débi pé bí kò bá gba máíkì kọjá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Àkọ́bí wọn fà mí lápá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó já o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Aago méje àárọ̀ ni mo ti débẹ̀. Gbọ̀ngàn ṣófo. Mo ní kí rìsífà, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn láti ara máíkì, wá ìkànnì tí ẹlòmíràn kò sí lórí rẹ̀. Kíá ló rí i. Mo gbé e sórí àpótí gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, mo na ańtẹ́nà rẹ̀ méjèèjì sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ dé.

"Kí ni ìwo méjì yìí ń ṣe nínú fọ́tò wa?"

"Mà, òun ló ń gbọ́ máíkì."

"Kò lè gbọ́ ọ lábẹ́ tábìlì ni?"

Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n mo gbé e síbẹ̀, mo dán an wò, ohùn ń jáde geere, torí kò séèyàn kankan láàárín máíkì àti rìsífà. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.

Nígbà tí èrò kún, àwọn oní-fídíò tan máíkì tiwọn méjì, àti àpótí kékeré tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tan tiwọn pẹ̀lú. Ni mo bá gbọ́ "kẹ̀" nínú ohun tí mo fi bo etí: tiwọn ti ń dí tiwa lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ó yẹ kí n wá ìkànnì tuntun nísinsìnyí tí gbogbo wọn ti tan tiwọn, ṣùgbọ́n àfi kí n gba máíkì lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ní tí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀, màá ṣe é. Wọn ò dákẹ́.

Wọ́n gbé àga Bàbá síwájú ìjọ. Àdúrà àkọ́bí wọlé dáadáa. Ti ẹnì kejì, "kẹ̀" lẹ́ẹ̀mejì. Ti ẹnì kẹta, odindi ọ̀rọ̀ kan pòórá.

Pásítọ̀ wá ní kí gbogbo ìjọ dìde fún ọmọ tí kò sí nílé. Yéè! Wọ́n dìde, wọ́n ya bo iwájú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Omi ló pọ̀ jù lára èèyàn, ó máa ń mu agbára máíkì. Gbogbo ara yẹn dúró sáàárín Bàbá àti tábìlì tí rìsífà wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí máíkì mú, níbi tí ańtẹ́nà tirẹ̀ wà. Èmi ni mi ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dì í mú.

Lábẹ́ aṣọ, iná tó ń fi hàn pé rìsífà ń gbọ́ máíkì kú. Ẹnu Bàbá ń mì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ìjọ rò pé ẹkún ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń ké "Àmín! Àmín!" Ìyàwó wọn tó jókòó tì wọ́n pàápàá kò gbọ́. Mo fa aṣọ ya, mo gbé rìsífà sókè kọjá orí mi. Ohùn padà.

"...àmín," ni Bàbá wí. Ó tán.

Mo sáré gbé máíkì oníwáyà lọ, mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí." Wọ́n yanu, ikọ́ gbé wọn, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lára áńkáṣíìfù wọn. Ìyàwó wọn ti ọwọ́ mi sẹ́yìn: "Ó tó."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbígbẹ̀yìn pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àdúrà mi kò wọ inú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi gbà á sílẹ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé pé rìsífà kan náà ló ń gbé ohùn lọ síbẹ̀. Ohun tí kò gbọ́, kò lè fi pamọ́.

"Bàbá ti kọ ọ́ sínú ìwé fún mi," ló wí. "Mo ti kà á. Ẹ ṣáà bá mi fi èyí tó wà ránṣẹ́."

Mo gé "àmín" kan ṣoṣo yẹn jáde, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé padà: "Mo gbọ́ ohùn wọn. Ẹ ṣé." Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì sunkún.